Wán-tù-fọ́ọ̀ àti omi inú rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí agbára dẹ́kìn

Bí ọjọ́ tí wọ́n máa da dẹ́kìn bá ti ń sún mọ́, ìbéèrè àwọn onílé máa ń pọ̀ sí i, nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá dà lọ́jọ́ náà kò ṣeé kó padà. Àwọn èyí tí mo kó síbí dá lórí ọ̀rọ̀ kan: báwo ni ìwọ̀n sìmẹ́ńtì, yanrìn ṣáápù àti gíráńáìtì ṣe ń mú kí kọnkéré lágbára, tàbí kó rọ? Yàrá kan náà ni mo fi ṣe gbogbo ìṣirò, kó má baà rú ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Ìpẹ̀rù Rẹ́mọ ni yàrá náà wà, ó gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3.6, dẹ́kìn tí wọ́n fẹ́ dà lé e sì nípọn ní íǹṣì 6, ìyẹn mílímítà 150. Kọnkéré tí yóò kún àyè yẹn jẹ́ lítà 2,160.

Kí ni wán-tù-fọ́ọ̀ tí gbogbo bírìkìlà ń pè gan-an?

Òṣùwọ̀n sìmẹ́ńtì kan, òṣùwọ̀n yanrìn méjì, òṣùwọ̀n gíráńáìtì mẹ́rin ni. Àyè tí nǹkan gbà la fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe bó ṣe wúwo tó, ohun èlò kan náà la sì gbọ́dọ̀ fi wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Báàgì sìmẹ́ńtì kan, kìlógíráàmù 50, máa ń gba àyè tó tó lítà 35. Nítorí náà, báàgì kan ń bá yanrìn lítà 70 àti gíráńáìtì lítà 140 rìn.

Tẹ́ ẹ bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, lítà 245 ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fi omi pò ó tán, tẹ́ ẹ dà á sínú pákó, tẹ́ ẹ sì kì í dáadáa, nǹkan bíi lítà 160 lẹ máa rí. Ìyókù kò sọnù. Inú ara wọn ni wọ́n wọ̀ sí, bí gààrí ṣe ń wọ àárín ẹ̀kúrọ́ tí wọ́n bá dà á lé e lórí nínú igbá. Ẹ bu gíráńáìtì lítà 140 sínú dúrọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ wá máa da omi sí i: ó máa gbà tó lítà 60 kí omi tó yọ lójú òkúta. Àlàfo àárín òkúta nìyẹn. Yanrìn lítà 70 ló ń dí i, díẹ̀ á sì ṣẹ́kù tí kò ní jẹ́ kí òkúta máa fara gún òkúta. Yanrìn náà ní àlàfo tirẹ̀, nǹkan bíi lítà 28, omi àti sìmẹ́ńtì tó ti di ẹrẹ̀ ló ń dí ìyẹn, tó sì ń lẹ gbogbo wọn mọ́ra. Ìdí nìyí tí yanrìn fi ń jẹ́ ìdajì gíráńáìtì.

Fún yàrá wa, ẹ fi 160 pín 2,160. Ó jẹ́ báàgì mẹ́tàlá àti ààbọ̀. Ẹ ra 14, torí díẹ̀ máa ń dànù.

Tí mo bá yí i padà sí 1:1½:3, tàbí bírìkìlà bá sọ ọ́ di 1:3:6, kí ló ń yàtọ̀?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí pẹ̀lú mi, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ rò.

Pẹ̀lú 1:1½:3, báàgì kan máa ń fún wa ní nǹkan bíi lítà 130 kọnkéré, nítorí náà yàrá Ìpẹ̀rù yìí máa jẹ báàgì 17. Pẹ̀lú 1:3:6, báàgì kan ń dé nǹkan bíi lítà 225, báàgì 10 sì ti tó. Ẹ wá wo òkúta: 1:1½:3 á jẹ gíráńáìtì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 1,800, wán-tù-fọ́ọ̀ á jẹ lítà 1,900, 1:3:6 á jẹ nǹkan bíi 2,000. Ti yanrìn náà kò ju lítà 900 sí 1,000 lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn ni pé yálà ẹ po kọnkéré tó lágbára tàbí èyí tí kò lágbára, iye yanrìn àti òkúta tí típà máa já sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Sìmẹ́ńtì nìkan ló ń yí padà: 10, 14, tàbí 17.

Omi náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Kí kọnkéré tó kún yàrá yìí tó rọ̀ débi tí wọ́n lè fi ṣọ́bìrì tẹ́ ẹ, ó máa mu omi tó sún mọ́ lítà 365, nítorí omi ló ń rin ara yanrìn àti òkúta, àwọn méjèèjì sì wà níye kan náà. Ẹ wá pín omi yẹn láàárín báàgì. Báàgì 17, kálukú gba lítà 21 àti díẹ̀. Báàgì 14, kálukú gba 26. Báàgì 10, kálukú gba lítà 36 àti ààbọ̀. Sìmẹ́ńtì tó wà nínú 1:3:6 ń rì sínú omi ni.

Agbára tí àwọn oníṣẹ́ ń retí lẹ́yìn ọjọ́ 28, tí wọ́n bá kì í dáadáa tí wọ́n sì bomi rin ín: 1:3:6, nǹkan bíi 10, wán-tù-fọ́ọ̀, láàárín 15 sí 20, 1:1½:3, láàárín 20 sí 25. Nọ́ńbà wọ̀nyí ni wọ́n ń kọ N/mm² sí lẹ́yìn nínú ìwé àbájáde. Kẹ́ ẹ lè fojú rí i, kúúbù kọnkéré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 150 tó bá jẹ́ 20, ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù 45 ló máa gbà kó tó fọ́.

Kí ló dé tí omi fi ń ba agbára jẹ́, ṣebí omi ló ń jẹ́ kí sìmẹ́ńtì gan?

Òótọ́ ni, láìsí omi kò ní gan. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba omi ni sìmẹ́ńtì ń mu mọ́ra títí láé. Nínú báàgì kan tó jẹ́ kìlógíráàmù 50, nǹkan bíi lítà 12 ló ń di ara òkúta tuntun náà. Ìyókù wà níbẹ̀ kí kọnkéré lè rọ̀ nígbà tí a ń dà á. Bó bá yá, omi yẹn á gbẹ, ibi tó wà á sì ṣófo. Ojú kò lè rí àwọn ihò náà, wọ́n kéré gan-an, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni kọnkéré ti ń fọ́, ibẹ̀ náà ni òjò ń gbà dé ara irin. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni ọ̀gbẹ́ni Duff Abrams ní Amẹ́ríkà ti fi ìdánwò rẹpẹtẹ hàn pé ìwọ̀n omi sí sìmẹ́ńtì ló ń pinnu agbára kọnkéré tí wọ́n bá ti kì í tán. Títí di òní, òun la ń tẹ̀ lé.

Fún dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan sí báàgì kan ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, nígbà tí yanrìn bá gbẹ. Ẹ lè dé 27 tí irin bá sún mọ́ra. Ohun tó bá ti ju 30 lọ, ẹ ti kúrò ní wán-tù-fọ́ọ̀, bí ẹ tiẹ̀ ka páànù yín pé pérépéré.

Mo ń sọ èyí gidigidi nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí sáìtì: àárọ̀ ni wọ́n ń wọn omi, tó bá fi máa di ọ̀sán tí oòrùn mú, tó sì ti rẹ àwọn lébìrà, páìpù omi ni wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ míkísà tí ẹnikẹ́ni kò sì kà mọ́. Dẹ́kìn kan náà, apá àárọ̀ gan ju apá ọ̀sán lọ.

Hẹ́dípáànù àti bárò ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wa. Ṣé kò dára ni?

Ó dára tẹ́ ẹ bá mọ ohun tó ń gbà. Àṣà tó wà nílẹ̀ ni pé páànù méjì jẹ́ báàgì kan, nítorí náà wán-tù-fọ́ọ̀ di báàgì kan, páànù yanrìn mẹ́rin, páànù gíráńáìtì mẹ́jọ. Fún ìyẹn láti jóòótọ́, páànù náà gbọ́dọ̀ gba nǹkan bíi lítà 17 àti ààbọ̀, tí wọ́n bá gé ojú rẹ̀ dọ́gba. Kì í ṣe gbogbo páànù tó wà lọ́jà ló gba iye kan náà, kò sì sẹ́ni tó ń gé ojú rẹ̀. Yanrìn tó tutù máa ń ga lórí páànù bí òkè, gíráńáìtì á sì máa yí dànù. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé mẹ́rin àti mẹ́jọ ni, ohun tó ń wọ míkísà lè jẹ́ márùn-ún àti méje.

Ẹni tó ń ka ṣọ́bìrì tún burú jù, torí ṣọ́bìrì yanrìn tútù kan tó ṣọ́bìrì gíráńáìtì kan àti ààbọ̀ nígbà míì.

Ohun tí mo fẹ́ràn ni àpótí. Kí káfíńtà tó ń kan pákó dẹ́kìn yín fi ajẹkù pákó kan àpótí kan tí inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, fẹ̀ ní 35, jìn ní 25. Lítà 35 gééré ni, báàgì sìmẹ́ńtì kan. Yanrìn àpótí méjì, gíráńáìtì àpótí mẹ́rin, kí wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ gé ojú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ó wúwo fún ẹnì kan láti gbé tí òkúta bá kún un, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ méjì méjì sí i kí ènìyàn méjì lè gbé e, tàbí kẹ́ ẹ kan èyí tó jẹ́ ìdajì, kí kíkà wá di ìlọ́po méjì. Tẹ́ ẹ bá ní bárò lẹ máa lò, ẹ fi àpótí náà wọn yanrìn sínú bárò lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fi ìṣó fa ìlà síbi tó dé nínú rẹ̀.

Bírìkìlà mi ní kí n jẹ́ kóun fi páànù yanrìn méjì kún un kí ojú dẹ́kìn lè dán, pé sìmẹ́ńtì yẹn ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ṣé kí n gbà?

Ẹ má gbà. Lóòótọ́, kọnkéré tó ní yanrìn púpọ̀ rọrùn láti tẹ́, ó sì máa ń dán lójú. Òun ló jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń tẹ̀lé e. Páànù méjì jẹ́ lítà 35, àpòpọ̀ yín ti di 1:3:4. Yanrìn tuntun yẹn ní ara púpọ̀ tí omi gbọ́dọ̀ rin, nítorí èérún yanrìn lítà kan pọ̀ gan-an ju òkúta lítà kan lọ. Kọnkéré á gbẹ lójú wọn, wọ́n á ké sí omi, kẹ́ẹ̀gì 25 á sì di 32 tàbí 34. Ibẹ̀ ni agbára ti lọ. Yanrìn fúnra rẹ̀ kọ́ ló pa á, omi tó fà wọlé ni.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yẹ̀ díẹ̀, ó sàn kó yẹ̀ síhà òkúta ju síhà yanrìn lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà ní òpin. Tí òkúta bá pọ̀ jù, yanrìn kò ní tó láti dí àlàfo, tí ẹ bá sì tú pákó, ẹ máa rí i nísàlẹ̀ dẹ́kìn pé ojú rẹ̀ ti di afárá oyin, òkúta lásán pẹ̀lú ihò láàárín, irin á sì máa yọjú. Ihò yẹn kì í ṣe ẹwà nìkan ló ń bà jẹ́: bí afẹ́fẹ́ inú kọnkéré bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, agbára á fi nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Ẹ lo pókà, ẹ̀rọ tó ń gbọn kọnkéré kó lè kì dáadáa, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù lójú kan.

Tó bá jẹ́ pé dídán ni bírìkìlà ń wá, kó fi pákó gbọnọnrọn tẹ́ ẹ, sìkírììdì á sì tún bò ó lọ́jọ́ iwájú.

Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, yanrìn ti rin gbingbin. Ṣé ó kan ìwọ̀n?

Ó kàn án gan-an, lọ́nà méjì tí kò jọra, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì ka ọ̀kankan sí.

Ọ̀nà kìíní: yanrìn tó tutù díẹ̀ máa ń wú. Omi tó lẹ̀ mọ́ èérún kọ̀ọ̀kan kì í jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ara wọn, ó sì lè wú débi ìdámẹ́rin. Ẹ rò pé ẹ bu lítà 70, ṣùgbọ́n 56 péré ni yanrìn gidi tó wà níbẹ̀. Kọnkéré yín á ṣàìní yanrìn, á di afárá oyin, iye tó máa jáde nínú báàgì kan náà á sì dínkù, sìmẹ́ńtì tí ẹ rà kò ní tó.

Ọ̀nà kejì: omi ti wà nínú yanrìn náà kẹ́ ẹ tó bu omi kankan. Yanrìn wán-tù-fọ́ọ̀ fún báàgì kan wúwo tó kìlógíráàmù 105. Tí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bá jẹ́ omi, lítà márùn-ún nìyẹn. Ẹ da kẹ́ẹ̀gì 25 lé e, ẹ ti dé 30.

Ẹ lè wọ̀n ọ́n lórí sáìtì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ mú garawa tàbí agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé, kẹ́ ẹ rọra da yanrìn tútù sínú rẹ̀ láìkì í, kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ dà á jáde, kẹ́ ẹ bu omi sínú agolo náà dé ìdajì, kẹ́ ẹ wá máa da yanrìn yẹn padà díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi igi rò ó. Nígbà tí omi bá bo yanrìn pátápátá, wíwú á lọ. Ẹ wọn gíga rẹ̀. Tó bá ti wálẹ̀ sí 16, mẹ́rin lórí mẹ́rìndínlógún ló wú, ìdámẹ́rin nìyẹn. Dípò lítà 70, ẹ máa bu nǹkan bíi 88, kẹ́ ẹ sì dín omi kù sí nǹkan bíi 20.

Ẹ tún un ṣe tí òjò bá tún rọ̀. Tàpólì lórí òkìtì yanrìn láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ń gbà yín lọ́wọ́ ìṣirò púpọ̀. Ní tòótọ́, àkókò tí àwọn tó ń sáré kí ilé lè ní òrùlé kó tó di Ojúde Ọba bá bọ́ sínú òjò, ìdánwò agolo yìí ni kò yẹ kí wọ́n fò.

Yanrìn wo ló dára jù ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ?

Èyí tó ń gún ọwọ́, tí èérún rẹ̀ nípọn lóríṣiríṣi, tí kì í sì í sọ ọwọ́ di pupa. Ilẹ̀ wa pín sí méjì: apá òkè, níhà Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, ilẹ̀ àpáta ni, apá ìsàlẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ yanrìn àti amọ̀, níbi tí òkúta ẹfun sìmẹ́ńtì Ṣágámù wà. Ilẹ̀ pupa ló bo ibi púpọ̀, ó sì rọrùn kó wọnú yanrìn nígbà tí wọ́n bá ń wà á létí odò tàbí tí wọ́n bá já a sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Amọ̀ inú yanrìn máa ń bo ara òkúta kí sìmẹ́ńtì má lè lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì tún ń mu omi. Ẹ bu yanrìn sínú ìgò funfun dé sẹ̀ǹtímítà 10, kẹ́ ẹ da omi tí ẹ fi ṣíbí iyọ̀ kékeré kan sí lé e, kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Amọ̀ á wá jókòó lókè yanrìn, ẹ máa rí ìlà rẹ̀. Tí amọ̀ náà bá nípọn ju mílímítà 8 lọ, kí onítípà kó yanrìn rẹ̀ padà, tàbí kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín yanrìn yìí àti yanrìn sọ́fútù tí wọ́n fi ń rẹ́ ilé. Ti rírẹ́ náà mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èérún rẹ̀ kéré jù, ẹ sì ti mọ ohun tí èérún kéékèèké ń ṣe sí omi.

Gíráńáìtì íǹṣì mélòó?

Mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, ìyẹn mílímítà 20, fún dẹ́kìn tó nípọn ní íǹṣì 6. Ó gbọ́dọ̀ lè wọ àárín irin àti abẹ́ irin láìhá. Ẹ wo isàlẹ̀ òkìtì náà kẹ́ ẹ tó sanwó: tí ìyẹ̀fun òkúta bá pọ̀, á mu omi bíi ti amọ̀. Ẹ lè bomi wẹ̀ ẹ́ kó tó di ọjọ́ náà.

Sìmẹ́ńtì wo?

42.5. Nọ́ńbà náà wà lára báàgì. Láti ọdún 2014 ni SON, àjọ tó ń bójú tó dídára ọjà ní Nàìjíríà, ti sọ pé 32.5 wà fún rírẹ́ ilé nìkan, kì í ṣe fún òpó, bíìmù tàbí dẹ́kìn. Báàgì tó bá ti ní kókó tí ọwọ́ kò lè rún, kò sí ìwọ̀n tó lè gbà á là.

Tí mo bá wá fi sìmẹ́ńtì kún un gan-an, bíi 1:1:2, ṣé dẹ́kìn mi ò ní lágbára ju ti gbogbo èèyàn lọ?

Kọnkéré náà á lágbára sí i, ṣùgbọ́n dẹ́kìn lè má jàǹfààní rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tó pọ̀ máa ń gbóná bó ṣe ń gan, ó sì máa ń sún kì bó ṣe ń gbẹ. Lójú oòrùn ọ̀sán, dẹ́kìn tó fẹ̀ tó sì tín-ínrín bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sán lójú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí yàrá rẹ̀ kò ju ti Ìpẹ̀rù wa lọ, láàárín wán-tù-fọ́ọ̀ àti 1:1½:3 ni kẹ́ ẹ dúró sí, ohun tí ẹnjiníà bá sì kọ sínú pláànù ló borí ọ̀rọ̀ tèmi. Báàgì mẹ́ta ni ìyàtọ̀ àárín méjèèjì fún yàrá yìí. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀rù ń bà yín nípa bí wọ́n ṣe máa wọn nǹkan, ẹ lo 1:1½:3, báàgì mẹ́ta yẹn á gba àṣìṣe díẹ̀ mọ́ra. Jámánì fúlọ́ọ̀ tó sùn lórí ilẹ̀ kò nílò tó bẹ́ẹ̀. 1:3:6 tí ẹ bá rí nínú pláànù, kọnkéré abẹ́ fáúńdéṣọ̀n ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe.

Tí ìwọ̀n bá yẹ̀, ṣé dẹ́kìn á wó ni?

Kì í sábà wó lójú ẹsẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ máa yẹ̀ ẹ́ lọ. Láàárín yàrá, irin tó wà nísàlẹ̀ dẹ́kìn ló ń gba ìfà, kọnkéré òkè sì ń gba ìtẹ̀. Ìtẹ̀ yẹn kì í pọ̀ nínú dẹ́kìn yàrá kékeré, nítorí náà kọnkéré tó yẹ kó jẹ́ 20 tó wá jẹ́ 15 lè gbé ẹrù náà. Ibi tí wàhálà ti ń yọ yàtọ̀. Kọnkéré tó rọ kì í di irin mú dáadáa. Ó máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ẹ ó sì rí i tí táìlì òkè ń ṣí, tí ilẹ̀kùn kò sì wọlé mọ́. Etí dẹ́kìn níbi tó ti pàdé òpó lè ya. Omi balùwẹ̀ tàbí òjò á gba inú rẹ̀ dé ara irin, irin á dípẹtà, ìpẹtà á wú, á sì máa ti kọnkéré ìsàlẹ̀ jábọ́ lébélébé.

Òpó ló burú jù. Nínú òpó, kọnkéré fúnra rẹ̀ ló ru ilé. Ẹni tó bá fi àpòpọ̀ ọ̀sán tí omi ti pọ̀ da òpó ti fi gbogbo ilé sínú ewu, mi ò sì lè fi ẹnu kékeré sọ ìyẹn.

Ewu kan tún wà tó yá ju gbogbo wọn lọ: títú pákó lọ́jọ́ tí kò tíì tó. Ní ọjọ́ keje, kọnkéré ṣì wà ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀. Èyí tí omi ti pọ̀ nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì kéré púpọ̀. Ẹ bomi rin ín fún ọjọ́ méje ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì fi igi ìtì abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ 21.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ dájú pé ohun tí wọ́n dà dára?

Kúúbù. Ẹ ní kí wọ́n mú kọnkéré látinú àwọn àpòpọ̀ tó ń lọ sínú pákó, kí ẹ̀yin fúnra yín yan àpòpọ̀ tí wọ́n máa bù, kí ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀sán. Wọ́n á kún mọ́ọ̀dù irin mílímítà 150 ní ipele mẹ́ta, wọ́n á fi ọ̀pá irin gún ipele kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀marùndínlógójì. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tú u, wọ́n á rì í sínú omi, ilé ìdánwò á fọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ keje, ìyókù lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ti ọjọ́ keje yẹn wúlò: ẹ rí àbájáde kí pákó tó kúrò. Tẹ́ ẹ bá ń retí 20 tó sì mú 13 tàbí 14 wá, ọ̀nà ló wà. Tó bá mú 8 wá, ẹ má tú nǹkan kan, ẹ pe ẹnjiníà.

Fún dẹ́kìn tó ti gan láìsí kúúbù, hámà kan wà tó máa ń ta padà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ojú kọnkéré nìkan ló ń sọ. Èyí tó dájú jù ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ọ̀wọ̀n kékeré jáde kí wọ́n lọ fọ́ ọ, kí wọ́n sì ṣọ́ irin nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n, Èkó ni mo wà, mi ò ní lè dé Ìpẹ̀rù lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi ló máa dúró fún mi. Kí ni kó ṣọ́?

Kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ míkísà, kì í ṣe sábẹ́ igi níwájú ilé. Ohun méjì ni kó dì mú. Àkọ́kọ́, kó yọ páìpù omi kúrò, kó fi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi omi kankan kún un láìjẹ́ pé òun rí i. Tí wọ́n bá ní ó gan jù, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì àti omi kún un pọ̀, ààbọ̀ lítà omi sí kìlógíráàmù sìmẹ́ńtì kan, kì í ṣe omi nìkan. Ìkejì, kó kó àpò òfìfo jọ síwájú ara rẹ̀, kó máa kà á bí ilẹ̀ yàrá ṣe ń kún. Yàrá yín jẹ báàgì 14, nítorí náà nígbà tí wọ́n bá dé ìdajì yàrá, àpò méje ló yẹ kó wà nílẹ̀. Tó bá jẹ́ márùn-ún ló rí, kó dá wọn dúró níbẹ̀ kí wọ́n tó dà á síwájú, kó fi àpótí wọn yanrìn lójú wọn, kó sì pè yín.